"O Mọ̀ Ọ́n": Ọ̀wọ̀ inú ọ̀rọ̀ Faransé àti ìlà méjì Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀ fíìmù

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fíìmù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé sọ ní Tánkẹ̀, Ìlọrin. Mo tún un kọ sílẹ̀ kí ẹni tí kò ráyè wá lè rí i kà.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró de wa títí iná fi dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fojú inú wo ilé kan l'Ọ́fà. Ìyàwó ilé dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń fi "ẹ" bá ìyá yìí sọ̀rọ̀, kò ṣì í sọ rí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan dùn ún dé egungun, ó wo ìyá náà lójú, ó ní, "O mọ̀ ọ́n." Kò ní "Ẹ mọ̀ ọ́n." "O mọ̀ ọ́n" ló sọ. Mo rí bí àwọn kan ṣe ká ọwọ́ lérí níwájú mi yìí. Ìyàwó náà kò bú ẹnikẹ́ni, kò pariwo, fáwẹ́lì kan péré ló pààrọ̀, ilé sì dàrú.

Àwọn Faransé ní irú nǹkan yìí. "Vous" ni wọ́n ń lò fún àgbà, fún ọ̀gá, fún ẹni tí wọn kò mọ̀ dáadáa. "Tu" ni wọ́n ń lò fún ọ̀rẹ́, ẹbí àti ọmọdé. Fíìmù wọn kún fún ibi tí ẹnìkan ti kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn máa ń yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán, "you" nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a bí lánàá, "you". Ọba lórí ìtẹ́, "you". Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí a ṣe ń wá ibi fi ọ̀wọ̀ yẹn sí nígbà tí ààyè tí wọ́n fún wa kò tó nǹkan.

Mo ní láti sọ bí ààyè náà ṣe kéré tó. Ìlà méjì péré la lè gbé sójú àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Tí Netflix bá ni, ìlà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí 37 ni wọ́n gbà. Tí mo bá ti pe lẹ́tà lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀, kọ́mà àti àmì ìdánudúró mọ́ ọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á. Ìdè kejì ló wá le ju ìyẹn lọ, òun ni ìyára kíkà: lẹ́tà mélòó ni òǹwòran lè kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan? Mẹ́tàdínlógún, ìyẹn 17, lèmi fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan gbà 20 fún àgbàlagbà, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ sì wà níbi bíi 12. Iye yòówù kí oníṣẹ́ fún yín, ohun tí wọ́n ń dáàbò bò kò yàtọ̀. Òǹwòran kì í ṣe ẹni tó jókòó ti ìwé. Ó fẹ́ rí ojú òṣèré, ó fẹ́ rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí ife omi. Gbogbo ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, àwòrán ti bọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí yóò ṣe yí i padà bí ojú ewé ìwé.

Àwọn Faransé kò sì ń fà á bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Bíi sílébù méje ni wọ́n máa ń sọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ bá wọn dé orí tábìlì oúnjẹ, kí ìjà wọ̀ ọ́, ẹ óò rí i pé ó ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ìran tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo hun ún. Ó jọ èyí tí mo ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n mo ti pa orúkọ àti ọ̀rọ̀ dà. Ọmọbìnrin kan ń jẹ́ Claire, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń jẹ́ Monique. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Ìyá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní:

```
Mais enfin, Claire, ça fait trois ans que
vous venez manger chez moi tous les dimanches,
vous pourriez quand même me tutoyer, non ?
```

Ohun tí ìyá ń sọ ni pé, "Claire, kí ló dé gan-an? Láti ọdún mẹ́ta lo ti ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ṣé o kò tún wá lè máa fi 'o' bá mi sọ̀rọ̀ ni?" Ẹ wo "tutoyer" yẹn dáadáa. Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan gbáko fún pípe èèyàn ní "tu". Lẹ́tà méje péré ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní in.

Mo wọn ohùn ìyá náà, ìṣẹ́jú-àáyá 4.5 ló gbà. Ìṣirò wa nìyí:

```
17 × 4.5 = 76.5
```

A lè ná lẹ́tà 76, kò gbọdọ̀ lé. Tí a bá wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, ohun tí a óò rí nìyí:

```
But really, Claire, you've been coming to eat
at my house every Sunday for three years,
you could at least say 'tu' to me, couldn't you?
```

Lẹ́tà 134 ni. Ìlà méjì tó kún dẹ́múdẹ́mú kò gbà ju 84 lọ, èyí sì ti di ìlà mẹ́ta. Ẹ tún pín 134 sí 4.5, ẹ óò rí bíi lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ẹni tó lè kà á tán kí ó tó pòórá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí kò gbọ́ Faransé rí láyé rẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ pé kí ló ń jẹ́ 'tu'. Nígbà tó bá fi máa ro ó tán, Claire ti dáhùn.

Kí ni a óò wá yọ? Orúkọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí pé orúkọ ni òǹwòran máa ń tètè dá mọ̀ nínú ohùn òṣèré. Ìyá pe Claire, nítorí náà Claire yóò dúró. "Mais enfin" lè lọ, nítorí pé ohùn àti ojú ìyá ti sọ ọ́. "Wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú" lè di oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, torí ilé rẹ̀ náà ni wọ́n wà, oúnjẹ náà ló wà níwájú wọn. Àwòrán ti bá wa san owó ìyẹn. Èyí tó le ni "quand même", nítorí inú rẹ̀ ni ìbínú ìyá wà. Bó bá lọ, ìyá á dà bí ẹni tó kàn ń bèèrè. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi fara pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe lèmi náà ṣe. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ohun tí a fi ń pààrọ̀ "tutoyer", yóò sọ fún yín pé orúkọ àbísọ ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan súnmọ́ wọn, wọ́n á ní kí ó pe àwọn lórúkọ. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

```
You've come here for three years, Claire.
Why not call me Monique?
```

Ìlà òkè jẹ́ 41, ìsàlẹ̀ jẹ́ 24, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Ìyára rẹ̀ kò ju 14 àti díẹ̀ lọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, Subtitle Edit, máa ń fi àwọ̀ pupa hàn mí tí mo bá kọjá ààlà. Kò sí pupa kankan níbẹ̀. Inú mi dùn, mo kọjá lọ.

Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó mọ̀. Mo ń tú fíìmù náà bí mo ṣe ń wò ó lọ, n kò tíì wò ó dópin. Ní òpin fíìmù, ọmọ ìyá yìí ti já Claire sílẹ̀. Obìnrin mìíràn ló ń fẹ́, ó sì ti pẹ́. Claire wá kó ẹrù rẹ̀, ó bá ìyá nínú ilé ìdáná yẹn kan náà.

```
— Vous le saviez, madame ?
— Tu le savais.
— Tiens. Voilà que tu me tutoies.
```

Claire ló sọ ìlà méjì àkọ́kọ́. Ó bèèrè pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, mà?" Ìyá kò dáhùn, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Claire wá ní, "O mọ̀ ọ́n." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú fíìmù náà tó máa pe ìyá ní "tu". Ohun tí ìyá fi ọdún mẹ́ta bẹ̀bẹ̀ fún pẹ̀lú ìfẹ́, ọjọ́ ìjà ló rí i gbà. Ìyá náà sì mọ̀, torí ó dáhùn pé, "Ẹn-ẹn. O ti wá ń fi 'o' bá mi sọ̀rọ̀ báyìí."

Kí ni mo fẹ́ kọ? Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ ló dúró fún "tu". Mo wá fi orúkọ sí i:

```
You knew, Monique.
```

Lẹ́tà 18 ni, ohùn Claire sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Ó fi lẹ́tà kan ju 17 lọ, pupa tàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, nítorí náà mo jẹ́ kí ó pẹ́ dé ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀ lójú àwòrán, ó sì di 12. Pupa kú. Ọ̀nà tó dára nìyẹn, mo ṣì ń lò ó lójoojúmọ́: tí òṣèré bá dákẹ́, ẹ yá díẹ̀ lára ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ kàn má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìran tó tẹ̀lé e, nítorí tí àwòrán bá yí padà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ojú máa ń padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo parí, mo pe àbúrò mi kó wá bá mi wò ó. Aránṣọ ni, kò gbọ́ "bonjour". Mo máa ń fi ẹni tí kò gbọ́ Faransé dán iṣẹ́ mi wò, nítorí pé èmi tí mo gbọ́ ọ, etí mi ń bá ojú mi kà. Ó wò ó títí dé ibẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ibo ni obìnrin yẹn ti dárúkọ Monique? Mi ò gbọ́ ọ o."

Òótọ́ ni. Claire kò pe Monique. Àbúrò mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé orúkọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí kò ju sílébù mẹ́ta-mẹ́rin yẹn lọ. Láti ìgbà náà ni kò ti gba ohun tí mo kọ gbọ́ mọ́. Ó ń tẹ́tí kó lè mú mi. Gbogbo ìwọ̀n tí mo wọ̀n pé, lẹ́tà kò lé, ìṣẹ́jú kò lé, ibi tí ìtàn ti yí sì bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò lè fi pupa hàn yín níbẹ̀.

Mo padà sí ìlà àkọ́kọ́. Mo nílò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kì í ṣe orúkọ, tí ìyá lè sọ níbi oúnjẹ, tí yóò sì tún lè sọ lọ́jọ́ ìjà, kí òǹwòran rántí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ó gbọ́dọ̀ kúrú pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí mo mú ni "formal". Lẹ́tà mẹ́fà ni, ó fi ẹyọ kan kéré sí "tutoyer". Nínú ohun tí ẹ óò rí yìí, nọ́mbà òkè ni ipò ọ̀rọ̀ náà nínú fíìmù, ìlà tó tẹ̀lé e sì ni àkókò tí ọ̀rọ̀ náà wọlé àti èyí tó jáde.

```
412
00:38:10,000 --> 00:38:14,500
Three years of Sunday lunches, Claire.
Must you still be so formal with me?
```

Ìlà òkè jẹ́ 38, ìsàlẹ̀ jẹ́ 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 74, a sì ní 76. Ẹ wo ibi tí "quand même" lọ: inú "still" ló wà, inú "must" ló wà. Ìbínú ìyá kò sọnù. Ẹ sì wo ibi tí ìlà gé sí. Bí mo bá jẹ́ kí "must" wà lókè lẹ́yìn Claire, ìlà yẹn á di 43, á lé ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kódà ká ní ó gbà á, n kò ní fi síbẹ̀. Ìlà kìíní jẹ́ gbólóhùn kan, ìlà kejì jẹ́ gbólóhùn kan, ojú á mú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní máa fò kiri.

Claire dáhùn pé òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣe é, pàápàá pẹ̀lú ìyá yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ pé òun kò lè ṣe é:

```
Je sais, mais j'y arrive pas.
Avec vous, j'y arrive pas.
```

Ìṣẹ́jú-àáyá 2.4 ni, ìyẹn lẹ́tà 40. Tí a bá tú àtúnsọ náà, á dé nǹkan bíi 60. Mo mú ẹyọ kan kúrò:

```
413
00:38:14,900 --> 00:38:17,300
I know. With you, I just can't.
```

Lẹ́tà 31 ni èyí. Ó ṣẹ́kù mẹ́sàn-án, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa ń rò pé ààyè tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ kún. Rárá. Ojú Claire ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí òǹwòran rí i.

Ó wá di ọjọ́ ìjà:

```
1120
01:31:02,000 --> 01:31:03,500
Did you know, madame?

1121
01:31:05,200 --> 01:31:06,700
You knew.

1122
01:31:08,000 --> 01:31:09,800
Not so formal now.
```

"Madame" wà nínú ìbéèrè, òǹwòran sì gbọ́ ọ lẹ́nu Claire, ojú àti etí ṣọ̀kan. Nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, "madame" ti lọ, ìbéèrè ti lọ, ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù. Ó le, ó sì gbẹ. Ìyá wá fi "formal" tó sọ níbi oúnjẹ lù ú padà. Ìlà tí mo kọ́kọ́ kọ fún ìyá níbẹ̀ ni èyí:

```
So you've stopped being formal.
```

Lẹ́tà 31. Ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 sì ń fún wa ní 30. Lẹ́tà kan ló fi lé, ó sì dùn mí nígbà náà pé n óò pa á tì. Ní báyìí mo dúpẹ́, nítorí ìyẹn ló jẹ́ kí n wá "Not so formal now." Lẹ́tà 18 ni, ó sì mú "so formal" náà padà wá gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbi oúnjẹ. Àbúrò mi tún wò ó. Nígbà tí ìlà yẹn jáde, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ní, "Háà, ìyá yìí."

Ohun kan wà tí àwa Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún níbí. Nítorí pé a ní "ẹ" àti "o", etí wa ń tètè gbọ́ "vous" àti "tu", ẹ̀bùn ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ ìyá níbi oúnjẹ: ó pe Claire ní "vous" lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ níbí, l'Ọ́fà tàbí l'Ómù-Àrán, "o" ni yóò pe ọmọ tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́. Tí a bá fi etí ilé gbọ́ ọ, a óò rò pé ìyá ń bọ̀wọ̀ fún Claire bí àgbà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Vous" tiwọn ń sọ jíjìnnà bó ṣe ń sọ ọ̀wọ̀. Ìyá fẹ́ kí ìjìnnà yẹn tán láàárín àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ ìjà, òun náà pe Claire ní "tu". Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì já odi yẹn lulẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Ká ní mo ti kọ "respect" dípò "formal", ìyá ìbá ti di ẹni tó ní kí ọmọ má bọ̀wọ̀ fún òun, fíìmù náà ìbá sì di nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọkùnrin kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣùgbọ́n ṣé a ò lè fi 'ma' sí i ni? Lẹ́tà méjì ni. Nàìjíríà níbí, tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àgbà, a máa ń fi 'ma' parí ọ̀rọ̀, gbogbo wa á sì mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni."

Mo gbádùn ìbéèrè yẹn púpọ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ náà ni. A ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun tí àwọn tó ni ín kò ṣe, a rí ibi fi "ẹ" sí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìlú wa nìkan ni fíìmù náà ń lọ, èmi gan-an á fi í sí ọ̀rọ̀ Claire níbi oúnjẹ, "I know, ma", lẹ́tà mẹ́sàn-án tó kù yẹn á sì gbà á dáadáa. Lọ́jọ́ ìjà, n óò yọ ọ́ kúrò, gbogbo Ìlọrin á mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ń lọ sí ibi púpọ̀ tí wọ́n ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́hùn-ún, "Ma" túmọ̀ sí ìyá ẹni. Wọn á kà á pé Claire ń pe Monique ní ìyá òun, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbà fún odindi ọdún mẹ́ta nìyẹn.